Ilé-ọmọ ti Le, Ẹ̀jẹ̀ Kò Dá: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan fún Ìdánwò Agbẹ̀bí

Nínú gbogbo ohun tí mo ń kà de ìdánwò ìwé àṣẹ tí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà máa ń ṣe fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń padà sí. Ìdí ni pé ìpele ìrọbí, pàjáwìrì ìbímọ àti ìtọ́jú lẹ́yìn ìbímọ, tí a kọ́ wa ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pàdé nínú rẹ̀ lára obìnrin kan, láàárín òru ọjọ́ kan. Ilé ìwòsàn kan nínú ìgboro Ìbàdàn ni ó ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ojú iṣẹ́. Mo ti yí ohun tí ènìyàn lè fi dá abiyamọ náà mọ̀ padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ gbà wá, bí a ṣe wá ibi tí ó ti ń wá, àti bí ó ṣe dá, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Abiyamọ náà jẹ́ ẹni ọdún 34, ó ti bímọ mẹ́rin rí, gbogbo wọn sì gba ojú ara wáyé. Apẹ̀tẹ̀ ni ó ti wá, nínú máíkírà tí ọkọ rẹ̀ háyà lóru. Nígbà tí ó dé ní aago 2:10, ó ti ń fi gbogbo agbára tì. Ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó bá a wá ni ó ṣàlàyé fún wa pé láti nǹkan bí agogo kan òru ni àwọn ti ń sọ fún un pé kí ó máa tì, nítorí pé ó ti bímọ mẹ́rin, kò sì yẹ kí ti ẹ̀karùn-ún pẹ́. Káàdì rẹ̀ fi hàn pé pí-sí-fí rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ara tó, ní oṣù kẹjọ oyún jẹ́ 31, èyí tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé bí ti aboyún kò bá tó 33 a máa ń kà á sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 118/72, ìlù ọkàn rẹ̀ jẹ́ 88 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọkàn ọmọ inú rẹ̀ sì ń lù ní 144. Nígbà tí Àǹtí, ìyẹn agbẹ̀bí àgbà tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ ní òru náà, yẹ̀ ẹ́ wò, ọrùn ilé-ọmọ ṣí ní sẹ̀ǹtímítà 8, iwájú ọrùn náà sì ti wú díẹ̀ níbi tí orí ọmọ ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ìdí.

Ibí yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti dúró kí ó sì ronú, kí ó tó sáré lọ sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dà. Ìpele kìíní ìrọbí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìrora bá ń wá déédéé tí ọrùn ilé-ọmọ sì ń ṣí, ó sì parí nígbà tí ọrùn náà bá ṣí tán ní sẹ̀ǹtímítà 10. Nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2018, sẹ̀ǹtímítà 5 ni apá tí ó yára nínú ìpele náà ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 ni ó wà lórí pátógíráàfù àtijọ́, ìyẹn ìwé tí a fi ń tọpa bí ìrọbí ṣe ń lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ iṣẹ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa ni ohun tí ó wà láàárín 8 sí 10. Títí ọrùn náà yóò fi ṣí tán, ẹran rẹ̀ ṣì wà ní àyíká orí ọmọ. Bí obìnrin bá ń fi agbára tì ní àkókò yìí, orí ọmọ ń ti ẹran náà ṣáájú dípò kí ó gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹran náà lè wú, ó sì lè ya. Obìnrin tí ó ti bímọ púpọ̀ kò sàn ju àwọn yòókù lọ nínú èyí. Lóòótọ́, ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ máa ń tètè ṣí, ṣùgbọ́n ìyára yìí gan-an ni ó ń mú kí àwọn ará ilé gbà pé ó ti tó àsìkò láti tì.

Àǹtí sọ fún abiyamọ náà pé, “Màmá, ẹ má tì mọ́, ẹ máa mí bí ẹni ń fẹ́ iná, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ fún mi.” Ìyá ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ gbà. Àǹtí kò bá a jiyàn, ó fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà kò tíì là tán, pé bí wọ́n bá fipá gba ọ̀nà tí kò tíì là, nǹkan lè ya. Lẹ́yìn náà ó kọ gbólóhùn kan sínú ìwé abiyamọ náà, èyí tí mo wá mọ ìwúlò rẹ̀ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́: “Ó ti ń tì fún nǹkan bí wákàtí kan kí ó tó dé. Ọrùn ilé-ọmọ 8, iwájú rẹ̀ wú.”

Ìpele kejì kò gùn. Ọrùn ilé-ọmọ ṣí tán ní aago 3:10, ọmọbìnrin kan tí ó wọn kílógíráàmù 3.6 sì dé ní 3:25, ó ké lójú ẹsẹ̀, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n gbé e lé àyà ìyá rẹ̀. Àǹtí fọwọ́ kan ikùn láti rí i dájú pé kò sí ìbejì nínú, lẹ́yìn náà ni mo gún abẹ́rẹ́ ọsitósìn tí ó ń mú ilé-ọmọ súnkì, yúníìtì 10, sí iṣan itan abiyamọ náà, kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn tí ọmọ dé. Bí a bá gún un kí a tó mọ̀ bóyá ọmọ kejì wà, ilé-ọmọ lè fún ọmọ náà mọ́ inú. Èyí ni ìdí tí ìfọwọ́kan ikùn fi ṣáájú abẹ́rẹ́. Òun náà sì ni ìgbésẹ̀ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fò nígbà tí a bá ń to àwọn ìgbésẹ̀ náà sórí ìwé. A kò yára gé ìwọ́, a dúró kí ìṣẹ́jú méjì kọjá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìwọ́ gùn sí i lójú ara, tí ilé-ọmọ sì gòkè díẹ̀ tí ó rí roboto, a mọ̀ pé ibi ti já. Àǹtí fi ọwọ́ òsì ti ilé-ọmọ sókè lókè egungun abẹ́ ikùn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa ìwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ibi sì jáde ní 3:34. A tẹ́ ẹ sórí àwo, a yẹ ojú méjèèjì rẹ̀ wò, gbogbo ègé rẹ̀ pé, awọ rẹ̀ náà kò já kù sílẹ̀. Ẹnu ojú ara kò ya rárá.

Títí di ibí yìí, gbogbo nǹkan wà bí ìwé ṣe wí. Ní 3:40, ọ̀rá onílà ìwọ̀n tí a tẹ́ sábẹ́ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ dé ti gba mílílítà 350, ìlù ọkàn rẹ̀ sì ti gòkè láti 88 sí 104.

Ìwọ̀n tí a fi ń mọ ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ, ni mílílítà 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá dé 1000, ó ti le gidi. Bí mo bá fi 500 nìkan sọ́kàn, èmi ìbá dúró ní 350. Ṣùgbọ́n ìlànà tuntun ti wí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 300, tí ìlù ọkàn bá ti kọjá 100 tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti wálẹ̀, kí a má dúró de 500 mọ́. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tansaníà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, ni ó jẹ́ kí n gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ya, nǹkan bí 51 péré ni wọ́n rí. Ní àwọn tí wọ́n ti ń lo ọ̀rá onílà, tí wọ́n sì ń ṣe gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rí nǹkan bí 93. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ìmọ̀ oògùn, nítorí oògùn kan náà ni gbogbo wọn mọ̀. Ojú ni ó ń tàn wá, pàápàá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wọ inú aṣọ àti tìmùtìmù.

Níbi tí kò bá sí ọ̀rá bẹ́ẹ̀, a lè wọn páàdì àti aṣọ. Gíráàmù kan ẹ̀jẹ̀ súnmọ́ mílílítà kan. Bí páàdì tí ó ti tutù bá wọn gíráàmù 420, tí irú rẹ̀ tí ó gbẹ bá wọn 60, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ tó 360. Kò gba ju òṣùwọ̀n kékeré kan lọ.

Àǹtí ké sí nọ́ọ̀sì kejì, ó ní kí wọ́n pe dókítà, ó sì fọwọ́ lé ikùn. Ilé-ọmọ rọ̀, ó ga ju ìdodo lọ, ó sì yà sí apá ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí “ó yà sí apá ọ̀tún” nínú ìbéèrè gbọ́dọ̀ ronú kan àpò ìtọ̀, nítorí pé àpò ìtọ̀ tí ó kún ni ó sábà máa ń ti ilé-ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kì í sì í jẹ́ kí ó lè súnkì. A ki kátẹ́tà bọ̀ ọ́, ìtọ̀ tí ó jáde jẹ́ mílílítà 450. Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, Àǹtí ń wọ́ ilé-ọmọ láti òkè ikùn, dídì ẹ̀jẹ̀ méjì sì jáde. Nọ́ọ̀sì kejì gún kánúlà ńlá sí apá rẹ̀ méjèèjì, ó gba ẹ̀jẹ̀ láti fi wá irú ẹ̀jẹ̀ tí yóò bá tirẹ̀ mu, ó so dírípù, ó fi yúníìtì ọsitósìn 10 sínú 500 mílílítà omi iyọ̀ kí ó wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì so òmíràn tí ó ní yúníìtì 20 nínú lítà kan tẹ̀lé e, èyí tí yóò máa wọlé fún wákàtí mẹ́rin.

Oògùn tí ó tẹ̀lé e ni tiranẹsámíìkì, gíráàmù 1, tí a rọra gún sí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí a bá yára gún un, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀. Oògùn yìí kì í mú ilé-ọmọ súnkì, ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí dídì ẹ̀jẹ̀ tí ara ti ṣe tú padà. Nítorí náà, ó wúlò bóyá ilé-ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá tàbí ẹran tí ó ya. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2017, tí obìnrin 20,060 láti orílẹ̀-èdè 21 kópa nínú rẹ̀, ni ó fi hàn pé ó ń dín ikú láti ọwọ́ ìsun ẹ̀jẹ̀ kù, pàápàá bí wọ́n bá fún obìnrin náà kí wákàtí mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn ìbímọ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a lè fún un ní gíráàmù 1 mìíràn.

Ní 3:52, ilé-ọmọ ti padà sí ìsàlẹ̀ ìdodo, ó wà láàárín gbùngbùn, ó sì le bí àgbọn lábẹ́ ọwọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Àǹtí kò wo ikùn nìkan, ó wo ọ̀rá. Ó ti di 700, ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó tàn sì ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di 96/58, ìlù ọkàn rẹ̀ ti di 122, ojú rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Nígbà tí iye ìlù ọkàn bá ti ju iye òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ báyìí, ara kò lè fara dà á pẹ́ mọ́, ohun tí a bá fẹ́ ṣe, kíákíá ni.

Orísun mẹ́rin ni a kọ́ wa pé kí a máa wò: ilé-ọmọ tí kò súnkì, ibi tàbí ègé rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sínú, ojú tí ó ya, àti ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ya, nǹkan bí méje ni ó jẹ́ pé ilé-ọmọ ni kò súnkì, ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òpin, orísun méjì sì lè wà lára ẹnì kan náà. Ti abiyamọ yìí rí bẹ́ẹ̀: àpò ìtọ̀ tí ó kún mú kí ilé-ọmọ rọ̀, ìyẹn sì bo orísun kejì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilé-ọmọ le tán, ibi ti pé, dídì ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá tí kò tú (èyí fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dì), ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnu ojú ara kò ya, nítorí náà òkè ni a gbọ́dọ̀ wò. Ìgbà náà ni Àǹtí ní kí n ka ohun tí òun kọ ní aago 2:10 jáde sókè, mo sì kà á: iwájú ọrùn ilé-ọmọ wú, ó ti ń tì fún wákàtí kan.

Yíyẹ ọrùn ilé-ọmọ wò ní ọ̀nà tirẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan tẹ ikùn mọ́lẹ̀ díẹ̀, a sì fi ohun èlò ṣí ojú ara sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a mú ẹ̀mú méjì tí orí wọn rí roboto, èyí tí kì í dá ẹran lára, a fi ọ̀kan di etí ọrùn náà mú níbi tí aago 12 yóò wà bí ó bá jẹ́ ojú aago, a fi èkejì di ibi aago 2 mú, a wo ohun tí ó wà láàárín wọn, a tú àkọ́kọ́, a gbé e síwájú, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa bá a lọ títí a ó fi yí i ká padà sí 12. Ẹni tí ó bá kàn yọjú wo ọrùn náà lẹ́ẹ̀kan, tí kò yí i ká, lè pàdánù ibi tí ó ya, nítorí pé ọrùn ilé-ọmọ tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá máa ń rọ̀, ó sì máa ń ká mọ́ra. Ní ibi aago 3 ni Àǹtí ti rí i: ó ya ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde láti òkè ibi tí ó ya náà. Ó fi ẹ̀mú náà di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra títí dókítà fi dé.

Ní ilé ìwòsàn yẹn, iṣẹ́ dókítà ni rírán ọrùn ilé-ọmọ, kì í ṣe ti agbẹ̀bí. Dókítà dé ní 4:05. Ó fi òwú tí ń yọ́ fúnra rẹ̀ rán an, ìránṣọ àkọ́kọ́ sì wà lókè ibi tí ojú yíya náà parí sí, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó já máa ń fà sẹ́yìn sókè. Bí ìránṣọ bá bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú yóò dà bí ẹni pé ó ti pàdé, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa ṣàn lọ sínú. Bí ó bá ṣe pé a kò rí òkè ojú yíya náà, tàbí pé ó ti gun orí ilé-ọmọ fúnra rẹ̀, tíátà ni ó kàn, kì í ṣe yàrá ìbímọ mọ́. Ti abiyamọ yìí kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá ní 4:25, gbogbo ohun tí ó sì ti jáde jẹ́ mílílítà 950.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè gbé irú èyí wá fún wa nínú ìdánwò. Ìbéèrè lè sọ pé obìnrin kan bímọ ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, ibi rẹ̀ pé, ilé-ọmọ le, ó sì wà láàárín, àpò ìtọ̀ ti ṣófo, ẹ̀jẹ̀ pupa ṣì ń ṣàn, kí ni agbẹ̀bí yóò ṣe tẹ̀lé e? Lára àwọn ìdáhùn tí wọ́n lè fi síwájú wa ni kí a túbọ̀ wọ́ ilé-ọmọ, kí a fi ọsitósìn kún un, kí a fún un ní misopírọ́sítọ̀ọ̀, tàbí kí a yẹ ojú ara àti ọrùn ilé-ọmọ wò. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìtọ́jú òótọ́, wọ́n sì ti wà lórí ahọ́n wa, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fà wá mọ́ra. Ṣùgbọ́n ilé-ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú náà ni ìbéèrè ti sọ pé ó ti le. Gbogbo gbólóhùn tí ó ṣáájú ti ti ilẹ̀kùn mẹ́ta pa, ẹyọ kan ni ó ṣí sílẹ̀. Bákan náà, bí ìbéèrè bá mẹ́nu kan obìnrin tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, tí ilé-ọmọ rẹ̀ sì rọ̀, a kò gbọ́dọ̀ mú ẹgomẹ́tíríìnì, oògùn mìíràn tí ó ń mú ilé-ọmọ súnkì, nítorí pé ó máa ń ti ìfúnpá náà sókè sí i. Ti abiyamọ wa kò ga, a lè lò ó fún un bí ọsitósìn bá kùnà, ṣùgbọ́n kò di dandan.

Lẹ́yìn 4:25 ni ìpele kẹrin, ìyẹn àwọn wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ibi ti jáde, wá di ohun tí ó ṣe kókó jùlọ. Fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ń ka ìlù ọkàn, mo ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, mo ń fọwọ́ kan ilé-ọmọ, mo ń wo páàdì, mo sì ń wo ìtọ̀ tí ó ń wọ inú àpò kátẹ́tà. Ìtọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì: bí kò bá tó mílílítà 30 láàárín wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé kíndìnrín kò tó, ohun yòówù kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa wí. Ní 5:00, ìlù ọkàn rẹ̀ ti padà sí 102, ìfúnpá sì jẹ́ 106/64. Nígbà tí yóò fi di 6:30, ìlù ọkàn ti di 92, ìtọ̀ ń dé bí ó ti yẹ, ọmọ sì ti mu ọmú lẹ́ẹ̀mejì. Ọmú mímu wà lára ìtọ́jú náà gan-an, nítorí pé bí ọmọ bá ń fa ọmú, ara ìyá ń tú ọsitósìn tirẹ̀ jáde, ilé-ọmọ á sì máa súnkì.

Ní ọjọ́ kejì, pí-sí-fí rẹ̀ jẹ́ 24. Dókítà kò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti dá, òòyì kò kọ́ ọ nígbà tí ó dìde, kò sì mí gúlegúle. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ fún un, mo sì ṣàlàyé fún un pé kó má fi tíì tàbí wàrà gbé e mì, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa, àti pé kí ó má bẹ̀rù bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú. A ń fọwọ́ kan ilé-ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan lóòjọ́, bí ó ṣe yẹ. Ohun kan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ń wò ni bóyá omi ọmú rẹ̀ ń wá, nítorí pé ìsun ẹ̀jẹ̀ ńlá lè fa ìpalára fún ẹṣẹ́ kékeré kan nínú orí tí ó ń darí ọmú, àìwá omi ọmú rárá sì wà lára àmì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọmú rẹ̀ kún dáadáa.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó béèrè ọ̀rọ̀ omi gbígbóná, mo sì mọ̀ pé yóò béèrè. Ní ilé wa, wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn abiyamọ pẹ̀lú agbára, wọ́n á tún ní kí ó jókòó lé omi gbígbóná, àwọn mìíràn á da álọ́ọ̀mù sí i. Àǹtí kò bú àṣà náà. Ó ní, “Mọ̀mọ́ wa, ìwẹ̀ olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára, ẹ wẹ̀ ẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n òwú ṣì wà lára ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jókòó lé omi tó gbóná, kí ẹ má sì ki ohunkóhun bọ ojú ara rẹ̀.” Màmá náà béèrè bóyá fún ìgbà wo. Àǹtí ní títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó gbà.

Wákàtí 72 ni ó lò kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí 24 ni ó kéré jù fún ẹni tí ohun gbogbo lọ déédéé fún. A sọ fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ pupa ti ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ yóò di aláwọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn náà yóò funfun, àti pé bí ó bá tún padà di pupa tí ó ń rin páàdì kan láàárín wákàtí kan, tàbí tí ó ń rùn, tàbí tí ibà mú un, tí orí ń fọ́ ọ tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú tí ó ń dùn ún, kí wọ́n gbé e wá lójú ẹsẹ̀, òru tàbí ọ̀sán. Ọjọ́ ìpadàbẹ̀wò wà láàárín ọjọ́ 7 sí 14, òmíràn sì wà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí wọn yóò tún yẹ pí-sí-fí rẹ̀ wò tí wọn yóò sì bá a sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Lórí ìwé tí ó mú lọ sílé, Àǹtí kò kọ “ó bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́” bí a ti sábà máa ń kọ. Ohun tí ó kọ ni pé ẹ̀jẹ̀ mílílítà 950 jáde, ilé-ọmọ rọ̀ nítorí àpò ìtọ̀ tí ó kún, ọrùn ilé-ọmọ ya ní ibi aago 3 a sì rán an, ó ti ń tì kí ọ̀nà tó là. Ó fi kún un pé bí ó bá tún lóyún, kí ó forúkọ sílẹ̀ kíákíá ní ilé ìwòsàn tí dókítà àti ẹ̀jẹ̀ wà, kí wọ́n so kánúlà sí i lápá bí ó bá ti ń rọbí, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un pé kí ó tì kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ka ìwé náà sí ìyá ọkọ rẹ̀ létí kí ó tó fi í lé e lọ́wọ́.